Páálí 13 Pro, inú XR

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, ní Káńpù lọ́hùn-ún. Ẹni tó fẹ́ ta iPhone 13 Pro fún mi wà n'Íkẹjà, ó lóun máa wébììlì ẹ̀ wá tí mo bá ti sanwó. Ó fi fótò ránṣẹ́: lébẹ́ẹ̀lì páálí, sítíkà síríà tó wà lẹ́yìn fóònù, ẹ̀yìn ẹ̀, iwájú ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo ti fi síríà ara páálí wò ó lórí sáìtì Apple, 13 Pro ló gbé wá. Ṣé kí n sanwó?*

Má sanwó o, àbúrò mi. XR ni fóònù yẹn, ara 13 Pro ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. Mi ò méfò o, inú àwọn fótò tó o fi ránṣẹ́ náà ni mo ti rí i, jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó o lè fojú ara ẹ rí i.

Kọ́kọ́ mọ nnkan tí wọ́n ń ṣe ná. XR jáde lọ́dún 2018, 13 Pro jáde lọ́dún 2021, àmọ́ íǹṣì 6.1 ni síkìríìnì àwọn méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé XR làwọn oníkọ́nfáàtì fẹ́ràn jù. Wọ́n á ra ara tuntun tó wá láti Ṣáínà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti 13, ojú kámẹ́rà mẹ́ta á wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á wá tú XR, wọ́n á kó bọ́ọ̀dù ẹ̀, bátìrì ẹ̀ àti síkìríìnì ẹ̀ sínú ara tuntun yẹn. Àwọn kan máa ń dìídì gbé tiwọn wá bá mi ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí pé kí n bá àwọn ṣe é, wọ́n fẹ́ fi ṣe fáàrí ni, mi ò rí nnkan tó burú ńbẹ̀ torí ẹni tó ni ín mọ ohun tó gbé dání. Ìgbà tí wọ́n bá lọ wá páálí 13 Pro tì í, tí wọ́n ń tà á fún ẹlòmíì lówó 13 Pro, ibẹ̀ ló ti di jìbìtì.

Ká mú lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn páálí, torí òun ló fi ọkàn ẹ balẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ojúlówó ni, ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ fi le. Ohun tó kọ ni iPhone 13 Pro, Sierra Blue, 128GB, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú èyí tí Apple ṣe lóòótọ́. Model tó kọ ni A2483, nọ́ńbà 13 Pro tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìyẹn, nọ́ńbà páàtì ẹ̀ sì parí sí LL/A, àmì ọjà Amẹ́ríkà náà nìyẹn, àwọn méjèèjì bára mu. Ká ní A2483 ló kọ, tí ìparí yẹn wá jẹ́ B/A tó jẹ́ ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀n, à bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ nnkan tó ń tẹ̀. Síríà tó wà ńbẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kí ti 13 Pro rí. Rọra rántí mẹ́wàá yẹn, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Nnkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bákóòdù ṣeé kà látinú fótò. Ṣí fótò yẹn sórí fóònù kan, kó o fi áàpù tó ń ka bákóòdù lórí fóònù míì yà á, nọ́ńbà tó bá gbé jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mu láìku ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú lébẹ́ẹ̀lì lè yí nọ́ńbà tójú ń rí kó wá gbàgbé àwọn ilà dúdúdúdú yẹn, ilà á wá máa pe síríà fóònù míì. Àmọ́ kí fótò dojú kọ lébẹ́ẹ̀lì gan-gan o, tí wọ́n bá yà á ní ìdà ẹ̀gbẹ́ kò ní kà.

Tìẹ kà, ó sì bára mu, àfi ti IMEI tí iná kámẹ́rà tàn sí, ó bo ilà ẹ̀, ó tún jẹ́ kí nọ́ńbà kan nínú ẹ̀ ṣú mi lójú, mi ò mọ̀ bóyá 3 ni àbí 8. Ìṣirò ló yanjú ìyẹn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni IMEI, mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ń sọ irú fóònù tó jẹ́, mẹ́fà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti fóònù yẹn nìkan, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, inú mẹ́rìnlá tó ṣáájú ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀ jáde. Mi ò ní kọ tìẹ síta (ìwọ náà yéé fi ránṣẹ́ káàkiri, àwọn tó ń tẹ ayédèrú lébẹ́ẹ̀lì ń wá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀), ẹ jẹ́ ká lo èyí tí wọ́n máa fi ń ṣàpẹẹrẹ:

```
490154203237518
```

Láti apá òsì, mú èyí tó wà nípò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, títí dé ìkẹrìnlá, sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ìlọ́po méjì, èyí tó bá ju 9 lọ bíi 18, ro 1 mọ́ 8 kó di 9. Ohun tá a máa rí níbí ni 9, 2, 8, 0, 4, 5, 2, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 30. Àwọn tá ò fọwọ́ kàn ni 4, 0, 5, 2, 3, 3, 5 àti 8 tó gbẹ̀yìn, ìyẹn náà jẹ́ 30, lápapọ̀ 60. Tó bá ti parí sí òdo, ó lè jẹ́ IMEI. Wá wò ó, ká ní 3 àkọ́kọ́ yẹn la ṣì kà sí 8, 65 ló máa jẹ́, kò sì sí IMEI tó máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe tìẹ nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé 3 ló wà lábẹ́ iná. Ibi tágbára ìṣirò yẹn mọ náà nìyẹn ṣá, ó ń sọ pé nọ́ńbà yẹn tò dáadáa, kò lè sọ ẹni tó ni ín.

Ibi tí wọ́n ti mú ẹ nìyẹn. Sáìtì Apple ò parọ́ fún ẹ rárá. Síríà páálí lo bi í, ó sì sọ irú fóònù tí wọ́n kó sínú páálí yẹn lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ wọn, kò mọ èyí tí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé lé e lónìí. Páálí òfìfo ń tà lọ́jà bí ọjà gidi, ẹlòmíì á ra fóònù, á gbé fóònù lọ, á fi páálí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Torí náà tí lébẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ojúlówó, páálí nìkan ló ṣì jẹ́ ojúlówó o. Kò tún wá yẹ kí páálí yẹn ní náílọ́ọ̀nù tó ń dán tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo rí etí ẹ̀ nínú fótò àkọ́kọ́. Látorí 13 ni Apple ti yọ náílọ́ọ̀nù kúrò lára páálí, bébà tí wọ́n máa ń fà ya ló wà lẹ́yìn ẹ̀ báyìí. Ẹni tó wé náílọ́ọ̀nù mọ́ páálí 13 Pro fẹ́ kó o gbà pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i rí ni.

Sítíkà wá ló tú u fó. Apple kì í lẹ sítíkà síríà mọ́ ẹ̀yìn aífóònù. Sítíkà funfun kékeré yẹn, àwọn tó ń ra fóònù tòkunbọ̀ lọ́pọ̀ láti òkè òkun ló máa ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n á so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ka ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí kì í bá ṣe olùtajà fúnra ẹ̀ ló lọ tẹ̀ ẹ́, sítíkà yẹn máa ń sọ òótọ́ ju páálí lọ, torí ẹnu fóònù ló ti gbọ́rọ̀. Wo fótò kejì dáadáa, wàá rí i pé ọ̀gbẹ́ni yẹn fi àtàǹpàkò bo ìdajì nọ́ńbà, bí ẹni tó kàn di fóònù mú lásán, àmọ́ kò bo bákóòdù. Mo yà á. Méjìlá ló jáde, kì í ṣe mẹ́wàá.

Síríà méjìlá ni XR ń lò. Ọdún 2021 ni Apple bẹ̀rẹ̀ síí lo mẹ́wàá tí wọ́n kàn ń pò pọ̀ láìní ìtumọ̀ kankan. Ti àtijọ́ yẹn ní ìtumọ̀, lẹ́tà tó wà nípò kẹrin ló ń sọ ìdajì ọdún tí wọ́n ṣe fóònù. W àti X jẹ́ ìdajì àkọ́kọ́ àti ìdajì kejì ọdún 2018, Y àti Z jẹ́ ti 2019. Èyí tó wà lórí sítíkà ẹ, Z ló wà nípò kẹrin. Ìdajì kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é nìyẹn, 11 ni Apple gbé jáde lọ́dún yẹn, 13 Pro ò tíì délé ayé. Ṣé o rí i báyìí pé páálí àti sítíkà tí ẹnì kan náà fi ránṣẹ́ sí ẹ, fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ká ní kò fi sítíkà yẹn ránṣẹ́ ńkọ́? Ara fóònù á ṣì sọ ọ́, èmi gan-an ara ni mo gbára lé jù, torí èèyàn lè tún lébẹ́ẹ̀lì tẹ̀, àmọ́ ibi tí nnkan inú wà ni ihò ìta gbọ́dọ̀ wà. Ṣí fótò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, fi ìka fẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan fóònù, ilà róbótó gígùn kan wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa 13 Pro Amẹ́ríkà lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, torí A2483 ní nnkan tó jọ ọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, fèrèsé kékeré kan tí ẹ̀ńtẹ́nà fáífù-jì Amẹ́ríkà ń gbà mí, ó kàn dà bíi pé wọ́n kun ún ni, kò ṣí, kò ní ihò kankan. Tìẹ ní ihò bíńtín kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, ihò tí wọ́n ń ki pín-ìn-nì bọ̀. Tíréè síìmù nìyẹn, àbúrò. Láti orí 12 ni Apple ti gbé tíréè síìmù lọ sí apá òsì, lábẹ́ bọ́tìnnì fólúùmù, 13 Pro náà apá òsì ló wà. Ti XR wà lápá ọ̀tún. Oníkọ́nfáàtì ò lè gbé e lọ sódì kejì torí inú XR ò yí padà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka síìmù jókòó sí, ó di dandan kí wọ́n lu ihò sí ọ̀tún. Mi ò tíì rí èyí tó jọ 13 dénú tó ta yọ níbẹ̀ yẹn, bó ti wù kí iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ tó.

Fótò iwájú náà ò dákẹ́. Wo dúdú tó wọnú síkìríìnì lókè, tá a máa ń pè ní nọ́ọ̀ṣì. Nínú tìẹ, ibi tí ohùn ti ń jáde tá a bá gbé e sétí wà láàárín gbùngbùn nọ́ọ̀ṣì, kámẹ́rà iwájú wà lápá ọ̀tún ẹ̀, nọ́ọ̀ṣì yẹn sì fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn gáréèjì. Bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí láti X dé 12 nìyẹn. Ti 13, Apple gbé ihò ohùn yẹn lọ sókè pátápátá títí kan etí fíréèmù, kámẹ́rà bọ́ sápá òsì, nọ́ọ̀ṣì wá kéré sí i. Síkìríìnì XR ni wọ́n gbé sínú ẹ̀, kò sí bí wọ́n á ṣe gbé kámẹ́rà inú ẹ̀ láti ọ̀tún sósì. Àwọn tó ń ṣe é di 14 Pro máa ń fi nnkan dúdú bo ibẹ̀ kó lè jọ ihò gígùn orí 14 Pro, ìwọ ṣáà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ya iwájú ẹ̀ nígbà tí síkìríìnì bá ń tàn funfun, wàá rí ibi tó fara pa mọ́ sí.

Ẹ̀yìn ni mi ò fẹ́ kó o fi àkókò ṣòfò lé lórí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti náwó jù. Ojú kámẹ́rà mẹ́ta wà, ẹyọ kan péré ló ń ṣiṣẹ́, XR kò ní ju ẹyọ kan lọ látilẹ̀. Tí wọ́n bá tan iná sí i ní ẹ̀gbẹ́, èyí tó jẹ́ gidi á jìn wọnú, wàá máa rí gíláàsì lórí gíláàsì nínú ẹ̀, àwọn méjì tó kù á kàn tẹ́ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Fótò tìẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò fi ṣe ẹ̀rí.

Tí o bá fẹ́ kó dá ẹ lójú kó o tó sọ fún un pé rárá, má tún gba fótò lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, fídíò kan ṣoṣo ni kó o béèrè, kó má gé e. Kó gbé páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kó tẹ èyí bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn:

```
*#06#
```

IMEI tó bá jáde lójú fóònù gbọ́dọ̀ bá ti lébẹ́ẹ̀lì mu nínú fídíò kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn kó wọ Settings, General, About, kó rọra fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fótò iwájú tó fi ránṣẹ́ yẹn, ojú ibẹ̀ náà ló yà, àmọ́ ìlà Name nìkan ló hàn, ó gé ìyókù kúrò. Ìlà Name yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè yí i, tó o bá fẹ́ kọ orúkọ ìyá ẹ síbẹ̀ á gbà. Ìlà tó ń jẹ́ Model Name nísàlẹ̀ ni wàá wò, ìyẹn inú fóònù ló ti ń jáde. Kó tẹ Model Number lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà páàtì yẹn á yí di nọ́ńbà tó fi A bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ XR Amẹ́ríkà, A1984 lo máa rí. Lẹ́yìn náà kó ṣí kámẹ́rà: 13 Pro á gbé 0.5, 1 àti 3 síta lórí síkìríìnì, XR ò ní 0.5 rárá.

Ẹ̀rí ò dọ́gba o, kó o má lọ fi ẹyọ kan kọ fóònù tó dáa sílẹ̀ lọ́jọ́ míì. Tíréè síìmù XR àti ti 13 Pro máa ń ní IMEI tí wọ́n fín sí i lára tín-ín-rín, àmọ́ tíréè lè sọ nù kí wọ́n ra òmíràn tí kò ní nnkan kan lára, ìyẹn ò sọ 13 Pro di ayédèrú. Síkìríìnì lè fọ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Páálí lè máà sí rárá, fóònù tòkunbọ̀ tó dáa pọ̀ tí kò ní páálí, èmi gan-an fẹ́ràn èyí tí kò ní páálí ju èyí tó ní páálí ẹlòmíì lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí tíréè síìmù wà àti ibi tí kámẹ́rà iwájú wà nìkan ni mi ò tíì gbọ́ àwáwí kankan fún. Bẹ́ẹ̀ fótò ò lè sọ fún ẹ bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì fi íméèlì ẹ̀ tì í pa, tàbí bóyá wọ́n jí i, ìyẹn àfi kó dé ọwọ́ ẹ kó o tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ kó o tó sanwó.

Tó bá kọ̀ pé òun ò lè ṣe fídíò, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, pé ẹlòmíì ti fẹ́ rà á, jẹ́ kó máa gbé e lọ. Tó bá wá gbà pé XR ni lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé ara yẹn ṣì wù ẹ́, owó XR ni kó o dá lé e, kódà kó dín díẹ̀, torí fóònù tí wọ́n ti tú tì kò lè di omi jáde mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, òjò ẹyọ kan láàárín Káńpù sí Kútọ̀ lè ba bọ́ọ̀dù ẹ̀ jẹ́. Kó gbé e wá sí Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀ tàbí kó o rán ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wò lọ bá a n'Íkẹjà. Wébììlì kọ́.